Òwò 100, Òfò 65, Síbẹ̀ Owó Ń Wọlé: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Ìwọ̀n Ewu sí Èrè

Bí oníṣòwò méjì tó ń fi ṣáàtì rà, tó ń fi ṣáàtì tà bá pàdé, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Nínú òwò mẹ́wàá, mélòó lò ń jèrè lórí ẹ̀?" Ẹni tó bá ní mẹ́jọ, wọ́n á kan sáárá sí i. Ẹni tó bá ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á rọra yí ọ̀rọ̀ padà. Ìbéèrè ọ̀hún kò burú, ó kàn jẹ́ pé ìdajì ni. Ìdajì tó kù ni pé: lọ́jọ́ tí o bá jèrè, èló ló ń wọlé, lọ́jọ́ tí o bá sì pàdánù, èló ló ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ jèrè lórí òwò mẹ́jọ, dọ́là 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 160 nìyẹn. Ó pàdánù lórí méjì, ṣùgbọ́n dọ́là 100 ló ń lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 200 nìyẹn. Pẹ̀lú gbogbo ìborí rẹ̀, ó ti jẹ gbèsè 40. Ẹnì kejì ṣe òwò 100, ó pàdánù lórí 65, dọ́là 50 ló sì ń lọ nígbàkigbà tó bá pàdánù. Àmọ́ lórí 35 tó jèrè, dọ́là 150 ló ń mú wálé. Èrè rẹ̀ jẹ́ 5,250, òfò rẹ̀ jẹ́ 3,250. Dọ́là 2,000 ló kù sí i lọ́wọ́.

Irú òwò ẹnì kejì yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: bí ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀, bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá tiyín ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àti ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́. Bí mo ti ń rí i, kì í ṣe orí ṣáàtì ló ti ń bàjẹ́ jù. Ọwọ́ oníṣòwò ló ti ń bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ ewu yín di R

Ká ní àkáǹtì yín jẹ́ dọ́là 5,000, ẹ sì ti pinnu pé òwò kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ mú ju 1% lọ nínú ẹ̀. Dọ́là 50 nìyẹn. Ẹ wo ṣáàtì EUR/USD, ìyẹn iye yúrò sí dọ́là, ẹ rí ibi tó wù yín láti rà ní 1.0850. Ẹ kò tíì gbọ́dọ̀ ronú kan lọ́ọ̀tì, ìyẹn bí òwò yín ṣe máa tóbi tó. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: níbo ni ọjà máa dé tí màá fi gbà pé èrò mi kò tọ̀nà? Ká ní ibẹ̀ ni 1.0825. Ibẹ̀ ni ààlà òfò yín, níbi tí búrókà yóò ti ti òwò náà pa fún yín. Ibi èrè, ẹ gbé e sí 1.0925.

Pípì ni ìṣísẹ̀ kékeré tí a fi ń ka ìrìn ọjà, 0.0001 lórí EUR/USD. Láti ibi tí ẹ ti wọlé sí ààlà òfò jẹ́ pípì 25. Láti ibẹ̀ náà sí ibi èrè jẹ́ pípì 75. Ẹ wá pín dọ́là 50 sí pípì 25, ẹ máa rí dọ́là 2 lórí pípì kọ̀ọ̀kan. Lórí EUR/USD, lọ́ọ̀tì odindi kan máa ń jẹ́ dọ́là 10 lórí pípì kan, nítorí náà lọ́ọ̀tì 0.20 ni ẹ máa rà. Bó ṣe yẹ kó tò lé ara wọn nìyí: ṣáàtì sọ ibi tí ààlà wà, ààlà sọ iye lọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú lọ́ọ̀tì, tó wá ń wá ibi tí ààlà máa bá a mu, ti gbé kẹ̀kẹ́ ṣíwájú ẹṣin.

Dọ́là 50 yẹn ni a ń pè ní 1R. Bí òwò náà bá lu ààlà òfò, ẹ kọ −1R. Bó bá dé ibi èrè, pípì 75 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta pípì 25, ẹ kọ +3R. Bí ẹ bá jáde fúnra yín ní pípì 30, 1.2R nìyẹn. Ìwọ̀n ewu sí èrè òwò yìí jẹ́ 1 sí 3, tàbí ká kàn sọ pé RR rẹ̀ jẹ́ 3.

Àǹfààní R ni pé ó mú kí gbogbo òwò jọ ara wọn. Òwò oṣù tó kọjá nígbà tí àkáǹtì ṣì kéré, àti ti oṣù yìí tó ti dàgbà, ẹ lè tò wọ́n sórí ìlà kan náà. Bí ẹ bá ń fi dọ́là kà á, òwò ńlá kan lè bo àṣìṣe ogún mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìdá ìdọ́gba

Fún RR kọ̀ọ̀kan, ìdá ìjèrè kan wà tí ẹ kò ní jèrè, tí ẹ kò sì ní pàdánù. Mo ń pè é ní ìdá ìdọ́gba. Ìṣirò rẹ̀ kò le:

```
1 / (1 + RR)
```

Bí RR bá jẹ́ 1, ìdá ìdọ́gba jẹ́ 50%. Bó bá jẹ́ 2, ó jẹ́ 33.3%. Bó bá jẹ́ 3, ó jẹ́ 25%, bó bá sì jẹ́ 4, ó jẹ́ 20%. Ẹ wá padà wo ẹni tó ń jèrè lórí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Dọ́là 20 ló ń jẹ, dọ́là 100 ló ń pàdánù, RR rẹ̀ jẹ́ 0.2. Ẹ fi sínú ìṣirò yẹn, ẹ máa rí i pé ó gbọ́dọ̀ jèrè lórí òwò 83.3 nínú 100 kí owó rẹ̀ tó dọ́gba. Ó ń jèrè lórí 80. Ìdí tó fi ń jẹ gbèsè nìyẹn, bó ti wù kí àwọn èèyàn máa yìn ín.

Tiyín, pẹ̀lú RR 3, 25% péré lẹ nílò. Bí ẹ bá ń jèrè lórí 35%, àyè 10% ló wà láàárín yín àti gbèsè. Ẹ fọkàn sí àyè yẹn. Òun ni òwò yín gan-an, òun náà sì ni gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí máa gbìyànjú láti jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má rò pé RR ńlá ló ń mú owó wá

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé RR 3 dára, wọ́n wá ń gbé ibi èrè jìnnà sí i, 5R, 10R, bí ẹni pé jíjìnnà yẹn nìkan ti di èrè.

Ẹ fojú inú wo ọjà tí kò ní ìtọ́sọ́nà kankan, tó kàn ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ẹ bá wọlé níbikíbi nínú ẹ̀, tí ẹ gbé ààlà òfò sí 1R, tí ẹ sì gbé ibi èrè sí 3R, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni ó máa dé ibi èrè kó tó kan ààlà. 25% nìyẹn, ìdá ìdọ́gba gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá gbé e lọ sí 10R, ẹ̀ẹ̀kan nínú mọ́kànlá ni, nǹkan bí 9%, ìdá ìdọ́gba gẹ́lẹ́ náà ni. Bí ibi èrè ti ń jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ìdá ìjèrè ń sọ̀ kalẹ̀, odo la máa bá. Lẹ́yìn tí búrókà bá sì ti gba tiẹ̀, ìsàlẹ̀ odo la wà.

Nítorí náà, ohun tó ń mú owó wá ni ìdí tí ẹ fi wọlé níbẹ̀: ohun kan nínú ọjà tó mú kí ó ṣeé ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin lọ pé yóò dé 3R. RR kàn ń sọ iye tí ohun yẹn máa mú wá nígbà tó bá wáyé ni.

Àwọn tó ń tẹ̀lé ìrìn ọjà ló jẹ́ àpẹẹrẹ tó mọ́ jù fún mi. Ní ìparí 1983, ní Ṣikágò, Richard Dennis àti William Eckhardt kó àwọn èèyàn kan jọ, wọ́n kọ́ wọn ní òfin òwò, àwọn tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá. Òfin kan nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n rà nígbà tí ọjà bá kọjá ibi tó ga jù láàárín ọjọ́ 20, kí wọ́n sì jáde nígbà tó bá já sí ibi tó rẹlẹ̀ jù láàárín ọjọ́ 10. Kò sí ibi èrè rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ọjà bá kọjá òkè ọjọ́ 20, ṣe ló máa ń padà sẹ́yìn, òfò kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrìn gidi bá bẹ̀rẹ̀, òfin ìjáde yẹn á jẹ́ kí wọ́n wà nínú ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọjà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn sábà máa ń lọ jìnnà ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ìgbàgbọ́ yẹn ni òwò náà, kì í ṣe RR.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣí ìwé òwò tó ní òpó méjì fún R

Ẹ ṣí ìwé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ọjọ́, ohun tí ẹ rà, ibi tí ẹ wọlé, ààlà òfò, ibi èrè, gbogbo ìyẹn mọ́ra. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni òpó méjì.

Òpó F ni R tó wọlé ní tòótọ́, bó ṣe rí nínú àkáǹtì. Òpó G ni R tí ì bá wọlé ká ní ẹ kò fọwọ́ kan òwò náà lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé: yálà ó lu ààlà tí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, tàbí ó dé ibi èrè tí ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Bí ẹ bá jáde ní 1R nítorí ẹ̀rù bà yín, ẹ kọ 1 sí F. Ẹ wá padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ wo ṣáàtì: ṣé ó padà dé 3R, àbí ó wálẹ̀ wá lu ààlà? Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni ẹ kọ sí G. Ẹ má ṣe fi ojú àánú kọ ọ́. Òwò tí ẹ gbà là lóòótọ́ wà, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn òwò 40, ìlà mẹ́rin yìí tó:

```
=COUNTIF(F2:F41,">0")/COUNT(F2:F41)
=AVERAGEIF(F2:F41,">0")
=AVERAGEIF(F2:F41,"<0")
=AVERAGE(F2:F41)
```

Èkíní fún yín ní ìdá ìjèrè, èkejì ní ìpíndọ́gba òwò tó jèrè, ẹ̀kẹta ní ìpíndọ́gba òwò tó pàdánù. Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: iye R tí òwò kọ̀ọ̀kan ń mú wá, ká da rere pọ̀ mọ́ búburú. Ẹ ṣe bákan náà fún G.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi F wé G

Ẹ jẹ́ ká ṣe é tán lórí ìwé òwò kan. Òwò 40, dọ́là 50 fún 1R, RR 3 lórí gbogbo wọn. 14 jèrè, 26 pàdánù: 35%. Lórí òpó G, ohun gbogbo rí bó ṣe yẹ. 14 lọ́nà 3R jẹ́ 42R. Ẹ yọ 26R kúrò, ó ku 16R. Búrókà gba 0.05R lórí òwò kọ̀ọ̀kan, 2R ni gbogbo ẹ̀. Èrè jẹ́ 14R, dọ́là 700.

Àmọ́ òpó F sọ ohun mìíràn. Nínú 14 tó jèrè, márùn-ún péré ló dé 3R. Mẹ́ta, ó ti wọ 1.5R, ọjà wá dúró díẹ̀, oníṣòwò sì jáde. Mẹ́fà tó kù, 1R ló ti sá. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 15R, 4.5R àti 6R: 25.5R. Nínú òfò, 24 jẹ́ −1R bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n méjì wà tí ó sún ààlà òfò sẹ́yìn nígbà tí ọjà ń súnmọ́ ọn, tó ń sọ pé á padà. Kò padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan mú 2.5R lọ. Òfò jẹ́ 29R. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 25.5R, ẹ yọ 2R ti búrókà, gbèsè 5.5R ló kù. Dọ́là 275 ti lọ.

Ẹ wò ó dáadáa: òwò kan náà, ibi ìwọlé kan náà, 35% kan náà. Ọ̀kan jẹ́ èrè 700, èkejì jẹ́ gbèsè 275. Ohun tó yí padà ni RR. Ìpíndọ́gba èrè jẹ́ 1.82R, ìpíndọ́gba òfò jẹ́ 1.12R. Nígbà tí òfò kò bá ti jẹ́ 1R gẹ́lẹ́ mọ́, ẹ lo ìṣirò yìí fún ìdá ìdọ́gba:

```
òfò / (èrè + òfò)
```

1.12 pín sí 2.94 jẹ́ 38%. Ẹ fi owó búrókà kún un, ó di bí 40%. Oníṣòwò yìí rò pé 25% ni òun nílò, 40% ló nílò ní tòótọ́, 35% ló sì ń ṣe. Ó máa lọ máa wá ọ̀nà ìwọlé tuntun, ó máa yí àmì tó ń wò lórí ṣáàtì padà, nígbà tó jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ìwọlé rẹ̀.

Ìdí tí irú òwò yìí fi ń bàjẹ́ báyìí yé mi. Ẹni tó ti pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra, tó wá rí 1R lójú, ó máa ń dà bíi pé kí ó ká a kó tó fò lọ. Ṣùgbọ́n nínú òwò tí ìjèrè ti ṣọ̀wọ́n, òwò díẹ̀ tó jèrè yẹn ló ń san owó gbogbo èyí tó kù. Nínú ìwé òpó G yẹn, èrè gbogbo òwò 40 náà jẹ́ 14R. Bí ẹ bá fo òwò márùn-ún péré nínú àwọn tó dé 3R, yálà ẹ sùn, ẹ̀rù bà yín tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, 15R ti lọ, kò sí èrè mọ́. Ẹni tó ń jèrè lórí 70% lè fo òwò kan kó má jẹ́ nǹkan. Ẹ̀yin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí G bá dára tí F burú, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ọ̀nà ìwọlé yín. Ẹ fi ibi èrè àti ààlà òfò sílẹ̀ lọ́dọ̀ búrókà gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ sì pa ṣáàtì dé. Bí ẹ bá tún fẹ́ máa sún ààlà wá sí ibi ìwọlé lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé 1R, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ fún un ní òpó tirẹ̀, H, kí ẹ rí iye òwò 3R tí àṣà yẹn sọ di 0. Mo ti rí ìwé òwò tí ó ran èèyàn lọ́wọ́, mo sì ti rí èyí tó jẹ ìdajì èrè. Ọjà yín ló máa dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka owó búrókà bí R

A ti lo 0.05R láìsọ bó ṣe wáyé. Lórí òwò EUR/USD yẹn, ká ní kọmíṣọ́ọ̀nù àti ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín iye tí ẹ béèrè àti iye tí wọ́n fún yín jẹ́ pípì 1.25 lápapọ̀. Ààlà yín jẹ́ pípì 25. 1.25 pín sí 25 jẹ́ 0.05. Èrè 3R di 2.95R, òfò 1R di 1.05R, ìdá ìdọ́gba sì gòkè láti 25% sí 26.25%. Kò burú.

Bí ẹ bá wá gbé ààlà sí pípì 5 péré, kí RR lè rọrùn láti dé, pípì 1.25 kan náà ti di 0.25R. Èrè di 2.75R, òfò di 1.25R, ìdá ìdọ́gba di 31.25%. Pẹ̀lú 35%, òwò kọ̀ọ̀kan tó ń mú 0.35R wá tẹ́lẹ̀ ń mú 0.15R báyìí. Èyí tó ju ìdajì lọ ti di ti búrókà. Pẹ̀lú ààlà tó sún mọ́ tòsí báyìí, lílọ-bíbọ̀ ọjà lásán sì lè lù ú, nítorí náà ẹ má retí pé 35% yẹn máa dúró.

Ohun kan tún wà tí òpó kankan kò lè fi hàn ṣáájú: −1R kì í ṣe ìdánilójú. Ààlà òfò jẹ́ àṣẹ pé kí wọ́n tà ní iye tó bá wà nígbà tí ọjà bá kàn án. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2015, báǹkì àpapọ̀ Siwisilandi kéde lójijì pé òun kò ní dí EUR/CHF, ìyẹn iye yúrò sí fráǹkì Siwisilandi, mú ní 1.20 mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti já kọjá 1.00. Àwọn tó ní ààlà ní 1.1980 rí i pé wọ́n jáde ní ibi tó jìnnà gan-an sí ibẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ jẹ búrókà ní gbèsè. Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di òwò mú kọjá òpin ọ̀sẹ̀ tàbí lákòókò ìkéde ńlá, kó mọ̀ pé òfò lè kọjá 1R, kó sì dín lọ́ọ̀tì kù.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ pèsè sílẹ̀ fún òfò tó tẹ̀léra

Ẹ ṣí ojú ìwé tuntun, ẹ tẹ èyí sí ihò A1, kí ẹ sì fà á dé A100:

```
=IF(RAND()<0.35,2.95,-1.05)
```

Òwò 100 rèé, 35%, RR 3, owó búrókà ti wà nínú ẹ̀. Ẹ tẹ F9 kí iye náà yí padà, kí ẹ máa ka òfò tó gùn jù láìsí èrè láàárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ máa rí i pé mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá wọ́pọ̀ gan-an, mẹ́tàlá sì máa ń yọjú nígbà mìíràn. Òwò tó dára ni o, tó ń mú 0.35R wá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá mú òfò mẹ́wàá léraléra lọ sí orí àkáǹtì. Bí ewu bá jẹ́ 1% lórí òwò kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 9.6% ló lọ. Ó dunni, àmọ́ òwò mẹ́rin tó dára á kó o padà. Bó bá jẹ́ 5%, 40% ti lọ, ẹ sì nílò èrè 67% kí ẹ tó padà síbi tí ẹ wà. Bó bá jẹ́ 10%, 65% ló lọ, ìlọ́po àkáǹtì tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta kí ó tó padà sípò. Ẹni tó ń jèrè lórí 35% kò lè lo ìwọ̀n lọ́ọ̀tì ẹni tó ń jèrè lórí 60%. Òwò méjèèjì lè ní ìpíndọ́gba kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan máa pa àkáǹtì kí èrè tó dé.

Èmi, 0.5% sí 1% ni mo máa ń dámọ̀ràn fún irú òwò yìí. Ẹ yan iye tó jẹ́ pé lẹ́yìn òfò mẹ́wàá, ẹ ṣì lè wọ òwò kọkànlá láìyí òfin padà. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n lórí òwò kẹfà, lọ́ọ̀tì ti pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ má dájọ́ lórí òwò 40

14 nínú 40 dára lójú. Àmọ́ ẹ gbọ́: òwò tí ìwọlé rẹ̀ kò ní ìdí gidi kankan, tí ìdá rẹ̀ gidi jẹ́ 25%, lè fún yín ní 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 40 nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, oríire lásán. Ẹ yí i padà: òwò tó dára, tí ìdá rẹ̀ gidi jẹ́ 35%, lè jẹ gbèsè lẹ́yìn òwò 40 nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ. Torí náà, òwò 40 kò lè sọ èyí tí ẹ di mú.

Nígbà tí ẹ bá dé 100, ọ̀rọ̀ ti ń ṣe kedere. Òwò 25% tó máa fún yín ní 35 nínú 100 ti ṣọ̀wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Òwò 35% tó ṣì máa jẹ gbèsè lẹ́yìn 100 náà ti ṣọ̀wọ́n, mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi lọ́ọ̀tì kékeré jù ṣe é, òfin kan náà láti òwò kìíní dé ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá yí òfin padà ní àárín, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà láti odo.

Ní òwò 100, ẹ wo ìpíndọ́gba G. Bó bá wà nísàlẹ̀ odo lẹ́yìn owó búrókà, ọ̀nà ìwọlé náà ni kò ṣiṣẹ́, ẹ jù ú sílẹ̀. Bó bá wà lókè odo, ẹ yọ òwò méjì tó jèrè jù kúrò, kí ẹ tún un ṣírò: bó bá ti já sí odo, gbogbo ìwé náà dúró lórí òwò méjì, ẹ nílò 100 mìíràn kí ẹ tó fi kún lọ́ọ̀tì. Bó bá ṣì wà lókè, ẹ lè gbé ewu láti 0.5% sí 1%, kí ẹ sì máa kọ òpó méjèèjì lọ.